Láti ìdí ìkòkò ni iye owó ti ń gòkè

Bí ẹ bá bi ẹni tó ń ṣe nǹkan tà ní Adó-Èkìtì pé èló ni ọjà rẹ̀, kò ní pẹ́ dáhùn. Bí ẹ bá wá fi kún un pé, "Tí mo bá fẹ́ kó púpọ̀ ńkọ́?", ibẹ̀ ni ẹnu ti máa ń wọ́. Á wo ojú yín, á wo bàtà ẹsẹ̀ yín, á ro ti owó ilé-ìwé ọmọ tí kò tíì san, á wá dá iye kan. Iye tó bá dá fún yín lónìí, kò dájú pé òun náà ni yóò dá fún ẹlòmíì lọ́la. Ọṣẹ dúdú ni èmi ń sè. Ohun tí mo sì ń rí lára àwa tí à ń ṣe irú iṣẹ́ ọwọ́ báyìí ni pé ọjà wa ń tà dáadáa, owó rẹ̀ ni a kì í rí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ni kò dáa. Wọ́n á kọ́kọ́ wá iye tí aládùúgbò lè san fún ẹyọ kan, ìyẹn á di iye ọjà. Bí alágbàtà bá wá dé, wọ́n á gé nǹkan kúrò lára iye yẹn, wọ́n á pe èyí tí wọ́n gé ní ẹ̀dínwó. Òkè ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sì mọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó. Èmi gbà pé ìdí ìkòkò ló yẹ kéèyàn ti máa gòkè: kí a mọ ohun tó ná wa, kí a fi èrè tiwa lé e kó di iye alágbàtà, kí a wá fi èrè alágbàtà lé ìyẹn kó tó di iye ojú ìsọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìkòkò kan ṣe é. Owó ọjà kì í dúró lójú kan, pàápàá jù lọ owó àdín, nítorí náà ẹ fi iye tí ẹ ń rà á lọ́dọ̀ yín rọ́pò tèmi. Ìṣirò náà ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò.

Èèpo kòkó ni a fi ń ṣe eérú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti la kòkó tán lóko, lápá Ìsẹ̀ àti Emùré, èèpo yẹn a máa gbá jọ sílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. A ó kó o, a ó sá a kó gbẹ, a ó sun ún di eérú. A ó da eérú sínú ìkòkò tí a lu nídìí, a ó da omi lé e lórí, omi yẹn á máa kán wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun ni a ó gbé kaná pẹ̀lú àdín, tí a ó máa rò títí yóò fi ki, tí yóò sì dúdú. Kẹ́ẹ̀gì àdín kan, lítà 25, ni mo ń dà sínú ìkòkò kan. Ó máa ń fún mi ní nǹkan bíi kílò 30 ọṣẹ. Bí mo bá rọ ọ́ sínú ike gírámù 250, ike 120 nìyẹn.

Ká sọ pé ₦46,000 ni kẹ́ẹ̀gì àdín. Èèpo kòkó, ọkọ̀ tó gbé e, àti sísun rẹ̀, ₦6,000. Igi ìdáná, ₦5,000. Ike 120 ní ₦110 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦13,200, ìwé àlẹ̀mọ́ ara rẹ̀ ní ₦40 jẹ́ ₦4,800. Tí a bá ro gbogbo èyí pọ̀, ₦75,000 ni, ìyẹn ₦625 lórí ike kan. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń dáwọ́ ìṣirò dúró, nítorí pé owó tó jáde lápò nìyí, ojú sì rí i. Àwọn obìnrin méjì tó ń bá mi rò ó, tí wọ́n ń bá mi rọ ọ́ sínú ike, ₦16,000. Owó ọwọ́ tèmi gan-an, ₦10,000. Ìpín owó ilé iṣẹ́, owó orí ọjà, àti ti ọṣẹ tó bá bàjẹ́ tàbí ike tó fọ́, ₦7,000. Ó di ₦108,000. Pín in sí 120, ₦900 ni ike kan ná mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń bá mi jiyàn lórí ₦10,000 yẹn. Ó ní, "Ta lo ń san án fún? Ṣé ìwọ kọ́ lo ni iṣẹ́ ni?" Èmi ni mo ni iṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dá mi dùbúlẹ̀ lọ́la, ẹni tí n ó pè kó wá dúró nídìí iná kò ní fi ẹ̀mí ìbátan rò ó fún mi. Owó ọwọ́ mi yàtọ̀ sí èrè. Èrè ni èyí tí n ó fi ra kẹ́ẹ̀gì kejì.

Ó wá kan iye tí a ó tà á. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè á ní kí òun ta ike kan ní ₦1,200 fún aládùúgbò, òun sì jèrè ₦300. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní ìsọ̀ ní Ọjà Ọba bá ní òun fẹ́ máa bá a tà á, ẹni yẹn kò ní jókòó sínú oòrùn nítorí ₦50. Ó ń san owó ìsọ̀, ó ń ra ọ̀rá, ó ń dá oníbàárà lóhùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìdá mẹ́rin iye tó wà lójú ìsọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń wá fún irú ọjà wa yìí. Ìdá mẹ́rin ₦1,200 jẹ́ ₦300. Ká yọ ọ́, ₦900 ló kù, iye tí ọṣẹ náà ná wa gẹ́lẹ́. A ti sè, a ti rò, a ti rọ, ọjà sì ti tà tán, kò sí kọ́bọ̀ tó kù tí a ó fi ra kẹ́ẹ̀gì kejì.

Tí a bá gòkè láti ìdí ìkòkò, ₦900 ló ná mi, mo fi ₦300 lé e, iye alágbàtà di ₦1,200. Alágbàtà fi ₦400 tirẹ̀ lé e, iye ojú ìsọ̀ di ₦1,600. Iye mẹ́ta ni mo kọ sínú ìwé, ọ̀kan kì í sì í yọ sí ìkejì.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni iye tí n ó máa ta ẹyọ kan nílé. ₦1,600 náà ni. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ràn láti gbọ́ èyí. Wọ́n á ní, "Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti ń sè é, ó yẹ kó rọjú." Ìyá kan tó ní ìsọ̀ ohun ìpara ní Ọjà Ọba ló fi yé mi ṣáájú kó tó gba ọṣẹ mi rárá. Mo gbé ike méjì lọ fún un kó wò ó. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Dípò kó bi mí léèrè iye rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé:

"Nílé rẹ ńkọ́, èló lo máa ń tà á fẹ́ni tó bá wá ra ẹyọ kan?"

Mo ní, "Iye tí ẹ̀yin náà máa tà á ni, Ìyá. ₦1,600."

"O ò ní gba ẹ̀yìn mi tà á fún wọn ní iye tí o ń tà fún mi?"

"Rárá, mà."

Ó ní torí pé ẹnì kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun rí lórí òróró irun ló ṣe ń béèrè. Àwọn oníbàárà òun á wá sí ìsọ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ka nọ́ńbà fóònù ẹni tó ṣe é lára ìgò, wọ́n á lọ pè é, wọ́n á sì rà á lọ́dọ̀ rẹ̀ ní iye alágbàtà. Òróró òun jókòó sórí pẹpẹ títí ìdérí fi kún fún eruku. Ó sọ ọ́ tán, ó wá béèrè páálí kan.

₦400 tí mò ń gbà lórí ẹyọ kan nílé kì í ṣe owó ìrẹ́jẹ. Iṣẹ́ alágbàtà ni mò ń ṣe nígbà yẹn: mo dìde kúrò nídìí iná, mo fọwọ́, mo tọ́ka, mo wá ṣéńjì, mo sì fetí sí ìtàn nípa awọ ara ọmọ ẹni tó wá rà á. Bí aládùúgbò bá fẹ́ oore, mo lè fi èènì sí i, ìdì ọṣẹ kékeré kan nínú ọ̀rá. Èènì kì í ba iye ọjà jẹ́. Ẹni tó gbà á kò ní lọ sọ ní Ọjà Ọba pé ₦1,200 ni.

Òdì kejì ọ̀rọ̀ yìí náà wà. Ọjà lè má gba ₦1,600. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń bù tà nínú ewé tàbí ọ̀rá lọ́jà rọjú ju tèmi lọ, kò sì ní ike, kò ní ìwé lára. Bí ojú ìsọ̀ bá kọ iye yẹn, gígé èrè ara mi kò ní mú un dúró. Yálà kí n wá ohun tí n ó dín nínú ₦900, tàbí kí n gbà pé ọjà yìí kì í ṣe ti alágbàtà, kí n máa tà á fúnra mi. Ní Ìwòròkó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Èkìtì pọ̀ sí, ₦1,600 kò rọrùn fún wọn. Mo wá rọ ọ́ sínú ike gírámù 100. Ẹ wò ó: ọṣẹ inú rẹ̀ jẹ́ ₦300, ike ₦80, ìwé àlẹ̀mọ́ ₦40 bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo sì ní láti fi ₦30 kún un nítorí iṣẹ́ rírọ tó pọ̀ sí i. ₦450 nìyẹn. Alágbàtà gbà á ní ₦600, ó ń tà á ní ₦800. Bí a bá wọ̀n ọ́n ní gírámù, ó wọ́n ju ike ńlá lọ, ṣùgbọ́n ₦800 ló wà lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ó wá ku iye tó kéré jù tí èèyàn lè rà ní iye alágbàtà. Ibí ni wọ́n ti máa ń pè wá ní agbéraga. Ọmọkùnrin kan ní Ìjerò fi wọ́tsáàpù kọ̀wé sí mi: "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ ọṣẹ márùn-ún, iye alágbàtà ni kẹ́ ẹ ṣe fún mi." Mo dá a lóhùn pé ike 24 ni iye alágbàtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó bínú díẹ̀. Mo pè é, mo sì ka ìṣirò náà fún un lórí fóònù.

Kí ọṣẹ tó kúrò nílé mi dé gáréèjì, ọ̀kadà lọ àti bọ̀ jẹ́ ₦1,000. Páálí àti téèpù jẹ́ ₦500. Àkókò tí mo fi dì í, tí mo fi pe awakọ̀, tí mo fi tún pe ẹni tó fẹ́ gbà á, mo ka ìyẹn sí ₦600. ₦2,100 ni, yálà ike márùn-ún ni mo gbé tàbí 24. Èrè mi lórí ike kan jẹ́ ₦300, nítorí náà ike méje àkọ́kọ́ kàn ń san owó ìrìn àjò ni. Ike márùn-ún, mo ti pàdánù ₦600. Mo pinnu pé owó ìrìn kò gbọdọ̀ jẹ ju ìdá mẹ́ta èrè mi lọ. Ìlọ́po mẹ́ta ₦2,100 jẹ́ ₦6,300, èyí tó jẹ́ èrè ike 21. Páálí tí mò ń lò gba 24, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ọjà náà sì mọ kíka dọ́sìnnì. Ibi tí 24 ti wá nìyẹn.

Èyí tó mú un dákẹ́ ni ti apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń rà á ló ń san owó awakọ̀. Ká ní ₦1,500 ni awakọ̀ gbà láti Adó dé Ìjerò fún ẹrù kan, ńlá tàbí kékeré. Lórí ike márùn-ún, ₦300 ti lé ike kọ̀ọ̀kan. Nínú ₦400 tó rò pé òun máa jẹ, ₦100 ló kù. Lórí ike 24, owó awakọ̀ kò tó ₦65 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun kò ní owó páálí kan lọ́wọ́.

Irú rẹ̀ ni mo ṣe ní ìlànà ààbọ̀ páálí fún. Ike 12 ni, ṣùgbọ́n ₦1,300 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦100 tí mo fi kún un yìí kì í ṣe ìjìyà. ₦2,100 tí a pín sórí 12 jẹ́ ₦175, èyí tí a pín sórí 24 kò tó ₦90. Ìyàtọ̀ àárín wọn, tó sún mọ́ ₦90, ni mò ń gbà padà, mo kàn yí i sókè sí ₦100. Ó mú 12. Ẹni tó bá fẹ́ ike gírámù 100, 48 ni páálí tirẹ̀ gbà, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦28,800 gẹ́lẹ́ bíi ti ike ńlá 24. Iye owó tó wà nínú páálí ni mò ń wò láti dá ìwọ̀n yìí, iye orí ike kọ́.

Àwọn tó ń ra púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn le jù. Ọ̀gá kan lè dé, kó ní òun á kó ìkòkò kan tán, ike 120, kí n ṣe é ní ₦1,000 fún òun. Àyà ẹni á já sí ayọ̀, nítorí owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Kí èèyàn má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Kí ni mo rí gbà nínú pé ó kó o lẹ́ẹ̀kan? Tí mo bá fi páálí márùn-ún ránṣẹ́ sí ibi márùn-ún, ₦10,500 ni ìrìn gbogbo rẹ̀. Tí ọ̀gá yìí bá kó gbogbo rẹ̀, páálí márùn-ún jẹ́ ₦2,500, kẹ̀kẹ́ Márúwá tí yóò gbé e dé gáréèjì ₦2,000, àkókò mi ₦600, ó di ₦5,100. Mo fi ₦5,400 pamọ́, ìyẹn ₦45 lórí ike kan. Mo lè fún un ní ₦40 nínú rẹ̀. ₦1,160 ni iye tirẹ̀, inú mi á sì dùn tọkàntọkàn láti tà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn owó ìrìn, ₦26,100 ni mo jèrè, tó fi díẹ̀ ju ₦25,500 tí n bá rí lọ́wọ́ àwọn márùn-ún. Ní ₦1,000 tó dá, ₦6,900 péré ni n ó rí lórí ìkòkò odindi. Ìwọ̀n tí púpọ̀ dín ìnáwó kù ló yẹ kí ẹ̀dínwó mọ. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù pé ọ̀gá náà lè bínú lọ ló ń san án.

Tí ẹnì kan bá ní kí n fi osùn tàbí oyin sínú tirẹ̀, odindi ìkòkò kan ni ó kéré jù, kò sí ààbọ̀. Inú ìkòkò ni wọ́n ti ń pò ó, n kò lè bu ike 24 yà sọ́tọ̀ kí n dá a sè. Ìdajì owó ló sì gbọ́dọ̀ san kí n tó ra àdín, nítorí bí ó bá sá, ta ni n ó ta ọṣẹ olóyin 120 fún? Ẹni tó fẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ wà lára ike, iṣẹ́ mìíràn ni ìyẹn. Òun ni yóò san owó gbogbo ìwé tí atẹ̀wé bá ní kò ṣeé tẹ̀ dín, kódà bí ike kò bá tó wọn. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ọjà kan kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń yá ẹlòmíì lò; òun ni yóò gba ti orúkọ tirẹ̀.

Àwọn ìsọ̀ kan wà tí kì í fẹ́ rà rárá. "Gbé e sílẹ̀, tó bá ti tà, wá gba owó." Mi ò kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣírò rẹ̀ bí owó tí mo yá èèyàn. Páálí kan jẹ́ ₦21,600 tí mo ti ná. Ìsọ̀ márùn-ún tí mo bá gbé e sí báyìí, owó ìkòkò kan ti há sọ́wọ́ wọn, n kò sì lè ra kẹ́ẹ̀gì kejì títí wọn yóò fi san. Nítorí náà n kì í gbé e sílẹ̀ ju dọ́sìnnì kan lọ, ní ìsọ̀ méjì péré lẹ́ẹ̀kan, iye rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,300. Mo tún máa ń lọ wò ó fúnra mi. Bí mo bá rí i pé wọ́n ti tì í sí ẹ̀yìn pọ́ọ̀mù tàbí pé wọ́n gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa á, mo mọ̀ pé kò ní tà. Lásìkò òjò, bí ìdérí kò bá dé dáadáa, ọṣẹ dúdú máa ń fa omi, á rọ̀, á máa là bí ẹni tó ń làágùn. Mo máa ń kó o padà kó tó rí bẹ́ẹ̀, mo sì ń tún un rọ.

Ohun tó kù ni ìgbà tí àdín bá wọ́n. Bí kẹ́ẹ̀gì bá gòkè láti ₦46,000 sí ₦58,000, ₦100 ti lé ike kan, ó di ₦1,000. Iye alágbàtà á gòkè, ti ojú ìsọ̀ á sì gòkè tẹ̀ lé e. Mo máa ń kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó ń bá mi rà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí wọ́n lè kó páálí kan sí i ní iye àtijọ́ bí wọ́n bá fẹ́, títí èyí tí mo ti sè sílẹ̀ yóò fi tán. Ẹni tó bá ti sanwó, iye tó san náà ni mo máa fi fún un, bí àdín bá tilẹ̀ wọ́n lọ́la. Ìyá Ọjà Ọba ló sábà máa ń kọ́kọ́ dáhùn. Páálí méjì ló máa ń béèrè, ó sì máa ń ní kí n má gbàgbé èènì tòun.